Oúnjẹ adìẹ nìkan kọ́ ló ń jẹ owó wa

Gbogbo ìgbà la máa ń sọ pé oúnjẹ adìẹ ló ń kó owó ẹyin lọ. Lóṣù méjì sẹ́yìn, a gba sitétímẹ́ǹtì oṣù kan ní báǹkì, a sì jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ọgọ́rùn-ún adìẹ tó ń yé là ń sìn. Owó tó jáde lóṣù náà jẹ́ ₦400,000.

Ọ̀nà márùn-ún la pín in sí: oúnjẹ adìẹ, oògùn, ọkọ̀, ilé àti àjọ. Tẹ́ ẹ bá pín in jù, á sú yín kẹ́ ẹ tó parí. Oúnjẹ gba ₦210,000 fún àpò mẹ́rìnlá, oògùn ₦14,000, ọkọ̀ ₦22,000, ilé ₦58,000. Àjọ gba ₦20,000, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìnáwó, owó wa ṣì ni.

Ó wá ku ₦76,000 tó kàn ń jẹ́ POS, POS, POS. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Owó tẹ́ ẹ gbà ní POS kò tíì di ìnáwó, ó kàn kúrò ní báǹkì bọ́ sápò ni. A wo ọjọ́ tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì ń bi ara wa pé kí la rà lọ́jọ́ yẹn. ₦41,000 lọ sílé, ₦12,000 jẹ́ owó ọkọ̀. ₦15,000 jẹ́ tẹni tó ń bá wa gbá ilé adìẹ, a sì ṣí ọ̀nà kẹfà fún òṣìṣẹ́. ₦8,000 tó kù, a ò rántí ẹ̀ rárá. A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, a ò fi í pamọ́ sábẹ́ oúnjẹ adìẹ.

Ibẹ̀ lojú wa là. Owó ilé di ₦99,000, owó ọkọ̀ di ₦34,000, ó ju ìlọ́po méjì owó oògùn lọ! Àpò oúnjẹ méjì méjì là ń rà, ẹ̀ẹ̀meje la lọ, ₦4,000 lẹ́ẹ̀kan. Ní báyìí, àpò méje là ń rà pọ̀, kẹ̀kẹ́ ń gba ₦7,000, ẹ̀ẹ̀mejì péré lóṣù. ₦14,000 ti dúró nìyẹn. Orí pákó la ń to àpò náà sí kí ọ̀rinrin má bà á jẹ́.

Èrò tiwa ni pé kẹ́ ẹ má tíì dín oúnjẹ adìẹ kù, torí ẹyin á dín kù tẹ̀ lé e. Ẹ kọ́kọ́ tú POS yẹn wò. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé oṣù kan ò lè fi owó ọmọ adìẹ tàbí owó iléèwé hàn, ẹ fìyẹn sọ́kàn.

Ẹ̀yin ńkọ́, èló ni POS gbà lóṣù tó kọjá, kí lẹ sì fi ṣe?