Kí ni Bac+5 nínú ìkéde iṣẹ́, kí ló dé tí ìtumọ̀ rẹ̀ fi ń ṣi àwọn agbanisíṣẹ́ lọ́nà?

Ká ní ilé iṣẹ́ kan ní Dákà, olú ìlú Sẹ̀nẹ̀gà, ń wá ẹnjiníà iná mànàmáná tó ní Bac+5 àti ìrírí ọdún mẹ́ta. Agbanisíṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lè ka Bac+5 sí oyè àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìrírí ọdún márùn-ún. Ìtumọ̀ yẹn kò tọ̀nà.

Bac ni ìdánwò àṣejáde girama ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó ń sọ èdè Faransé, bíi wáẹ́ẹ̀kì lọ́dọ̀ tiwa. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ń ka ọdún ẹ̀kọ́ gíga lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni oyè àkọ́kọ́, ọdún méjì sí i ni oyè kejì. Nítorí náà, ipele oyè kejì ni Bac+5, ibẹ̀ náà sì ni ìwé ẹ̀rí ẹnjiníà wọn wà.

Síbẹ̀, kíka ọdún nìkan kò tó. Ní Nàìjíríà, ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní fásitì, oyè àkọ́kọ́ sì ni. Bí olùtumọ̀ bá kọ “ọdún márùn-ún ní fásitì”, ọmọ Nàìjíríà yóò rò pé òun kúnjú òṣùwọ̀n, ilé iṣẹ́ sì lè já orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìpele oyè.

Orúkọ ipò náà ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí ní Bìrìtìkó, wọ́n máa ń pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe pàápàá ní ẹnjiníà.

Ohun tó dára jù ni kí olùtumọ̀ fi Bac+5 sílẹ̀ bó ṣe wà, kó kọ “oyè kejì tàbí ohun tó bá a dọ́gba” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó sì bi ilé iṣẹ́ léèrè bóyá wọn yóò gba oyè àkọ́kọ́ ọlọ́dún márùn-ún.