Ibòòji Igi Tí Ẹlòmíràn Gbìn: Ọ̀rọ̀ Fún Ẹni Tó Ní Ọmọ Òun Kò Gba Abẹ́rẹ́ Àjẹsára

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá àrùn, tó sì dá ìwòsàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí kan láàrin wa. Wọ́n á ní: "Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, kò sí ìkankan nínú wọn tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ara wọn sì le koko. Kí ni wọ́n wá ń fi abẹ́rẹ́ dà wá láàmú sí?" Ọ̀rọ̀ náà dún létí bí ẹ̀rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí. Bí ara àwọn ọmọ náà bá le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ìbéèrè tí ẹni náà kò bi ara rẹ̀ ni pé, kí ni Ọlọ́hun fi ṣe sábàbí tí àrùn kò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀? Àwọn ọmọ aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ ni. Abẹ́ ibòòji igi tí ẹlòmíràn gbìn ló jókòó sí, tó ń sọ pé oòrùn kì í mú.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè ní ààbò àwùjọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi àrùn rọpárọsẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Inú ìfun ènìyàn ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé. Ó ń bá ìgbẹ́ jáde, ọwọ́ tí a kò fọ̀ tàbí omi tó dọ̀tí ló sì ń gbé e dé ẹnu ẹlòmíràn. Bí kò bá rí ara tuntun wọ̀, yóò kú. Níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní àjẹsára, ẹnì kan tó ní i lè kó o ran ènìyàn bíi 6. Àwọn 6 yẹn á kó o ran 36, àwọn 36 á kó o ran 216. Ṣùgbọ́n bí 5 nínú àwọn 6 àkọ́kọ́ bá ti gba àjẹsára, ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí kòkòrò náà lè wọ̀. Bí ààbò bá tún fi díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àrùn á máa dín kù títí yóò fi tán. 5 nínú 6 jẹ́ bíi 83 nínú 100. Ibẹ̀ ni ààbò àwùjọ ti bẹ̀rẹ̀ fún rọpárọsẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́ pàápàá ń jẹ nínú ààbò náà, nítorí pé àrùn kò rí ọ̀nà gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àrùn èéyi, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní mísúsù, le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e. Ẹni tó ní i lè ti jáde kúrò nínú yàrá, kí kòkòrò rẹ̀ ṣì wà nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fún wákàtí 2. Ẹnì kan lè kó o ran 12 sí 18. Bí a bá mú 15 nínú ìṣirò wa, 14 nínú wọn gbọ́dọ̀ ní ààbò kí àrùn tó dúró, ìyẹn 93 nínú 100. Abẹ́rẹ́ náà kì í sì í mú lára gbogbo ènìyàn: nínú 100 tó gbà á lẹ́ẹ̀mejì, bíi 3 ni kò ní mú lára. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń sọ pé ó kéré tán, ọmọ 95 nínú 100 gbọ́dọ̀ gba méjèèjì.

Ẹlòmíràn lè wá sọ pé: "Ó dára. Bí 95 bá ti gbà á, èmi á wà lára àwọn 5 tó kù. Ṣebí fàrílà kífáyà ni, bí ìrun òkú: bí àwọn kan bá ti ṣe é, ó bọ́ lọ́rùn àwọn yòókù." Ẹ̀yin ará, ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́. Àwọn 5 yẹn ti ní ẹni tó ni wọ́n. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù 9 wà níbẹ̀, nítorí ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ èéyi àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa. Ọmọ tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ìtọ́jú wà níbẹ̀, nítorí pé ara rẹ̀ kò lè gba abẹ́rẹ́ náà. Aláboyún tí kò gbà á kó tó lóyún wà níbẹ̀, nítorí pé wọn kì í fún aláboyún. Àyè àwọn wọ̀nyí ni. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tó lè gbà á, tó wá lọ jókòó sí àyè wọn, ó ti lé aláìlera jáde sínú oòrùn. Èyí náà ni ìdáhùn fún ẹni tó ń béèrè pé: "Bí abẹ́rẹ́ yín bá ń ṣiṣẹ́, kí ló kàn yín bí èmi kò bá gbà á?" Ọmọ olóṣù mẹ́fà tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ ní mọ́sáláṣí ló kàn.

Ohun kejì tí ènìyàn kì í kà mọ́ ìṣirò yìí ni àdúgbò. Ìwọ̀n gbogbo ìlú lè ga, kí ààbò má sì sí ní ilé tìrẹ. Orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì fi èyí han gbogbo ayé. Nígbà náà, ó lé ní 95 nínú ọmọ 100 tó ń gba àjẹsára níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìjọ Kristẹni kan wà tí wọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n ní ó jẹ́ títọwọ́ bọ iṣẹ́ Ọlọ́hun. Wọ́n ń gbé pọ̀, wọ́n ń fẹ́ ara wọn, ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni àwọn ọmọ wọn ń lọ. Ní 1978, rọpárọsẹ̀ wọ àárín wọn, ó sì mú 110 ènìyàn. Lẹ́yìn náà, ó lọ fún ọdún 14 láìsí àjàkálẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, òbí tó bá wà láàrin wọn lè sọ gẹ́gẹ́ bí àwọn kan nínú wa ṣe ń sọ: ọmọ mi kò gbà á, ara rẹ̀ le koko.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án 1992, ó padà dé. Kó tó parí ní oṣù kejì 1993, ènìyàn 71 ti ṣàìsàn, 59 nínú wọn rọ lápá tàbí lẹ́sẹ̀, 2 sì kú. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọdé mọ́. Abẹ́ ibòòji ni wọ́n ti dàgbà láìní àjẹsára kankan lára. Ẹ sì ṣàkíyèsí èyí dáadáa: àwọn mìíràn wà ní orílẹ̀-èdè náà tí wọn kò gba àjẹsára, tí wọn kì í ṣe ọmọ ìjọ wọ̀nyẹn, tí wọ́n ń gbé káàkiri láàrin àwọn tó gbà á. Àrùn náà kò tàn dé ọ̀dọ̀ wọn. Irú àìgbà kan náà ni, ṣùgbọ́n aládùúgbò yàtọ̀. Ní 1978, kòkòrò náà gba orí òkun kọjá lọ bá àwọn ará ìjọ wọn ní Kánádà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dá títì kọjá sí ilé àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ní ìlú wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn. Ní 2003, ìpínlẹ̀ Kánò àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní Òkè Ọya dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró nítorí àhesọ pé wọ́n po nǹkan mọ́ ọn láti sọ àwọn obìnrin di àgàn. Kí Kánò tó padà sẹ́nu rẹ̀ ní 2004, pẹ̀lú àjẹsára tí wọ́n ṣe ní Indonéṣíà, ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí, kòkòrò náà ti ràn. Láti Nàìjíríà, ó dé orílẹ̀-èdè bíi 20, Indonéṣíà fúnra rẹ̀ sì wà lára wọn. Inú oṣù kẹjọ 2020 ni wọ́n tó kéde pé irú rọpárọsẹ̀ àtilẹ̀wá yẹn ti tán ní Áfíríkà. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí ló kọ́kọ́ jìyà àhesọ yẹn.

Ẹ tún mọ̀ pé àwọn àrùn kan wà tí ààbò àwùjọ kò kàn rárá. Tẹ́tánọ́ọ̀sì, tó ń mú àgbọ̀n le pinpin, kì í ti ara ènìyàn ran ènìyàn. Inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò rẹ̀ wà, ojú egbò ló ń gbà wọlé, tàbí ìdodo ọmọ tuntun tí wọ́n fi abẹ tó dọ̀tí gé. Bí gbogbo Ìbàdàn bá gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó ku ìwọ nìkan, ìṣó tí o bá tẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n gbà á.

Ó wá ku ẹni tó ní: "Ọlọ́hun ni mo gbẹ́kẹ̀ lé." Gbogbo wa la gbẹ́kẹ̀ lé E. Ṣùgbọ́n hádíìsì tí a ti kọ́ láti ilé-kéwú ṣàlàyé pé nígbà tí ọkùnrin kan béèrè bóyá kí òun tú ràkúnmí òun sílẹ̀ kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun, Ànọ́bì ní kó so ó ná, kó tó gbára lé E. Òun náà ló kọ̀ fún wa láti wọ ìlú tí àjàkálẹ̀ àrùn wà, tàbí láti sá jáde níbẹ̀. Ẹni tó bá ń jókòó lórí ààbò àwọn aládùúgbò rẹ̀, tó ń pè é ní ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun, àwọn aládùúgbò ló gbẹ́kẹ̀ lé, kò kàn mọ̀ ni.

Nítorí náà, ẹ má wo ìwọ̀n orílẹ̀-èdè. Ẹ wo ibi tí ọmọ yín ń jókòó sí. Bí ọmọ 40 bá wà ní ilé-kéwú, 38 ló gbọ́dọ̀ ní abẹ́rẹ́ èéyi méjèèjì, ti oṣù 9 àti ti oṣù 15, kí ààbò tó wà níbẹ̀. Ẹ mú káàdì àjẹsára ọmọ yín jáde lónìí. Púpọ̀ nínú wa gba ti oṣù 9, wọ́n gbàgbé ti oṣù 15. Bí àyè rẹ̀ bá ṣófo lórí káàdì, ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn tó wà ládùúgbò. Bó bá tilẹ̀ ti kọjá oṣù náà, wọ́n ṣì lè fún un. Kí àwọn àáfà náà béèrè káàdì lọ́wọ́ òbí nígbà tí wọ́n bá mú ọmọ wá.

Kí Ọlọ́hun má fi ọmọ wa ṣe ìdí tí ọmọ ẹlòmíràn yóò fi kú. Kó jẹ́ ká wà lára àwọn tó ń gbin igi. Àmín.