Ẹ Wọn Páànù Kí Ẹ Tó Sanwó

Ọ̀rọ̀ páànù ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ tó ń kọ́lé ní Benin City báyìí, páànù alumíníọ́mù ni wọ́n ń rà. Wọ́n máa ń tà á ní 0.45 tàbí 0.55 mìlímítà, èyí tó nípọn jù ló sì wọ́n jù. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà kan lọ. Ẹni tó bá sọ pé òun lè fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí òun sì mọ̀ ọ́n, èmi ò gbà. Òṣùwọ̀n ni mo gbà gbọ́.

Ẹ wo bí ó ṣe rí. Ẹ gba àjákù páànù náà, kí ẹ gé e sí 50 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn àti 40 ní fífẹ̀. 0.55 mìlímítà jẹ́ 0.055 sẹ̀ǹtímítà. Kúbìkì sẹ̀ǹtímítà kan alumíníọ́mù sì wúwo tó gíráàmù 2.7. Nítorí náà:

50 × 40 × 0.055 × 2.7 = 297

Gíráàmù 297 ló yẹ kí òṣùwọ̀n sọ. Tó bá sọ 243, ẹ pín 243 sí 50 × 40 × 2.7, ẹ ó rí 0.045. Àṣé 0.45 ni wọ́n fún yín! Òṣùwọ̀n àwọn tó ń ṣe kéèkì gan-an á fi hàn. Tí páànù bá tó 100 mítà níbùú lóròó, kílò 27 alumíníọ́mù lẹ sanwó rẹ̀ tí ẹ ò rí.

Ṣùgbọ́n páànù máa ń ní ìgbì. Tí ẹ bá na rúlà sórí rẹ̀ lásán, fífẹ̀ rẹ̀ á dínkù, ìṣirò á sì purọ́. Ẹ tẹ́ òwú tẹ̀lé gbogbo ìgbì náà, kí ẹ wá wọn òwú. Ní ti ọ̀dà ara rẹ̀, gíráàmù díẹ̀ ló ń fi kún un. Ìyẹn túmọ̀ sí pé tí páànù bá ṣì fúyẹ́ pẹ̀lú ọ̀dà lára, ó fẹ́lẹ́ lóòótọ́.

Ohun tí mo rò pé àwọn èèyàn ò ní rántí ni pé irin lè ṣe bí alumíníọ́mù lórí òṣùwọ̀n. Kúbìkì sẹ̀ǹtímítà kan irin wúwo tó gíráàmù 7.85. Páànù irin tí ò nípọn ju 0.19 mìlímítà lọ, ní ìwọ̀n kan náà, á wúwo tó gíráàmù 298! Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án. Alumíníọ́mù ò ní lẹ̀ mọ́ ọn, irin á lẹ̀ mọ́ ọn gbagbagba.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní àwọn tó ń tà á á bínú tí a bá gbé òṣùwọ̀n dé ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹni tó ń ta ẹran ò bínú tí a bá wọn ẹran, kí ló dé tí ti páànù á fi bínú?