Ebi Ni Ó Ń Pa Háàdì Náà

Lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti Òṣogbo, láti ọ̀dọ̀ arábìnrin kan tí ó ń ya àwòrán ìgbéyàwó. Ó ní ojú yúèsíbì kan ṣoṣo ni ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lára kọ̀mpútà alágbèéká òun. Nítorí náà ni ó ṣe ra họ́ọ̀bù, èyíinì ni àpótí kékeré olójú mẹ́rin tí a ń fi okùn kan so mọ́ kọ̀mpútà. Ó ki máòsì, kíbọ́ọ̀dù àti fóònù rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì fi háàdì kékeré tí ó ń kó àwòrán pamọ́ sí ṣe ìkẹrin. Iṣẹ́ kò tíì dé ìdajì tí háàdì náà fi dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, tí ó sì pòórá lójú kọ̀mpútà. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ìyá ìyàwó ń bọ̀ wá gba àwòrán lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé háàdì mi ti kú ni?"

Ó jọ pé kò tíì kú, arábìnrin. Ebi ni ó ń pa á.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iye ohun tí a so pọ̀ ni ó ń dá wàhálà yìí sílẹ̀. Ìlànà yúèsíbì fàyè gba ohun 127 lábẹ́ olùdarí kan, nítorí náà mẹ́rin kò pọ̀ rárá. Iná tí wọ́n jọ ń jẹ ni kò tó. Okùn yúèsíbì kò gbé ọ̀rọ̀ nìkan, ó ń gbé iná fóòtì 5 pẹ̀lú. Ojú yúèsíbì ti ìpele kejì gbọ́dọ̀ lè pèsè mílíámúpù 500. Ti ìpele kẹta, tí inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ búlúù, ń pèsè 900. Họ́ọ̀bù tí kò ní ṣájà tirẹ̀ kò mú nǹkan kan wá láti ilé. Èyí tí kọ̀mpútà bá fún un ni ó ń pín, òun náà a sì kọ́kọ́ bu tirẹ̀ jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà. Ká ní ojú tirẹ̀ jẹ́ ti 900. Bí họ́ọ̀bù bá mú 100, tí máòsì àti kíbọ́ọ̀dù gba 100 kọ̀ọ̀kan, ó ku 600. Fóònù tí ó ń gba ṣájì lè jẹ 500 níbẹ̀. Ó ku 100 péré fún háàdì tí ó lè fẹ́ tó 900 fún ara rẹ̀ nìkan nígbà tí àwo inú rẹ̀ bá ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Fóòtì 5 yóò wálẹ̀, àwo náà kò ní lágbára mọ́, kọ̀mpútà yóò sì kà á sí ohun tí a ti fà yọ. Nígbà mìíràn ìkìlọ̀ yìí a hàn: "Power surge on the USB port". Bí fóònù bá kún, oúnjẹ rẹ̀ a dín kù, háàdì a sì tún gbádùn. Ìdí nìyẹn tí àìsàn náà fi ń lọ tí ó ń bọ̀.

Láti mọ òkodoro, ẹ fa gbogbo rẹ̀ yọ, kí ẹ ki háàdì nìkan tààrà bọ ara kọ̀mpútà, pẹ̀lú okùn kúkúrú. Bí ó bá kó àwòrán púpọ̀ láìjá, họ́ọ̀bù ni ó jẹ̀bi. Bí ó bá ṣì ń dún, ẹ pààrọ̀ okùn. Bí kò bá dákẹ́ síbẹ̀, háàdì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ gbé lọ fún oníṣẹ́. Bí kọ̀mpútà bá wí pé "You need to format the disk", ẹ jọ̀wọ́, "Cancel" ni kí ẹ tẹ̀. Ẹni tí ó bá gbà fún un ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ àwòrán oníyàwó nù.

Fún ọjọ́ iwájú, ẹ ra họ́ọ̀bù tí ó ní ṣájà tirẹ̀ tí a ń ki bọ ara ògiri. Fóòtì 5 pẹ̀lú ámúpù 4 tó olójú mẹ́rin dáadáa. Dọ́kìn, tí ó tún ń so kọ̀mpútà mọ́ amóhùnmáwòrán ńlá, kò yàtọ̀: èyí tí kò ní ṣájà tirẹ̀ ń jẹun lára kọ̀mpútà ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ohun kan tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Bí wọ́n bá mú iná lọ, bátìrì kọ̀mpútà yóò máa bá iṣẹ́ lọ, ẹ lè má tilẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n họ́ọ̀bù yóò padà di aláìní lójú ẹsẹ̀, háàdì yóò sì já. Ẹ fi ínfátà gbé e, tàbí kí ẹ dúró.

Kí Sátidé tó dé, arábìnrin, ẹ fi fóònù sí ara ògiri, ẹ lo kíbọ́ọ̀dù tí ó wà lára kọ̀mpútà, kí ẹ sì jẹ́ kí háàdì nìkan jókòó sí ojú kan ṣoṣo náà títí àwòrán ìkẹyìn yóò fi wọlé.