Ẹ Dín Ilé Kù Lórí Ìwé, Ẹ Má Dín Irin Rẹ̀ Kù

Ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlú èyíkéyìí nílẹ̀ Yorùbá, ẹ ó rí àwọn ilé tí iṣẹ́ dúró lórí wọn. Koríko ti hù nínú pálọ̀, òjò ti ń fọ orí búlọ́ọ̀kù, irin tó yọ lórí òpó ti dípẹtà. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ onílé, yóò ní owó ló tán. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú ilé wọ̀nyí, ilé náà ti ju owó lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti yà á sórí ìwé, ìṣirò tí ọmọ kíláàsì karùn-ún lè ṣe ni ì bá sì ti fi í hàn kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Ìbéèrè tí a máa ń kọ́kọ́ béèrè ló ń ṣì wá lọ́nà. "Eélòó ni wọ́n fi ń kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta báyìí?" Ìbéèrè yìí kò ní ìdáhùn. Yàrá tó gùn ní mítà 3, tó sì fẹ̀ ní mítà 3, yàrá ni. Èyí tó jẹ́ mítà 4.5 lọ́nà méjèèjì, yàrá náà ni. Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 9, ti èkejì sì ju 20 lọ. Ó ju ìlọ́po méjì lọ, síbẹ̀ orúkọ kan náà la fi ń pè wọ́n. Bíríkìlà tó bá dá yín lóhùn pẹ̀lú iye yàrá nìkan, àfojúdá ló ṣe. Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé: mítà onígun mẹ́rin mélòó ni ilé náà, eélòó sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ ní àdúgbò wa lóṣù yìí?

Mítà onígun mẹ́rin kan ni ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan. Ìta ògiri ni kí ẹ ti wọn ilé, kí ẹ sì ka fàráńdà tó wà lábẹ́ òrùlé mọ́ ọn. Iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sí nínú ìwé kankan tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé pátápátá. Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ parí nítòsí, tó jọ irú èyí tí ẹ fẹ́ kọ́, tí ẹni tó kọ́ ọ sì ní ìwé tó fi ń kọ owó tó ná sílẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i.

Ẹ jẹ́ ká fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ. Iye owó tí n óò lò, fún àpẹẹrẹ ni. Kí ẹ fi ti àdúgbò yín rọ́pò rẹ̀. Aládùúgbò wọn kọ́ ilé kan parí lọ́dún tó kọjá. Yàtọ̀ sí owó ilẹ̀, gbogbo ohun tó ná jẹ́ ₦31,800,000. Nínú rẹ̀, fẹ́ńsì, géètì, kànga, sókàwéè àti owó àwòrán kó ₦4,200,000. Èyí tó lọ sórí ilé gan-an wá jẹ́ ₦27,600,000. Wọ́n wọn ilé náà, ó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 138. Pín owó sí 138, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦200,000.

Ti ọdún tó kọjá nìyẹn o. Wọ́n wá mú àwọn rìsíìtì aládùúgbò náà, wọ́n fi iye tó ra sìmẹ́ńtì, irin, páànù àti iye tó san fún òṣìṣẹ́ wé ti ìsinsìnyí, wọ́n sì rí i pé ó ti fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gbówó lórí. Iye tí wọn yóò lò ni ₦240,000.

Ìdílé yìí ní ₦36,000,000. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀, kí wọ́n sì fi ₦240,000 pín in. Rárá o. Fẹ́ńsì àti kànga àtàwọn ohun ìta yòókù náà ti gbówó lórí, wọn yóò gba bíi mílíọ̀nù 5. Ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo owó, èyí tí í ṣe ₦3,600,000, gbọ́dọ̀ wà ní ìpamọ́ fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí tẹ́lẹ̀, bíi kí wọ́n gbẹ́lẹ̀ kí wọ́n sì bá omi pàdé. Ó ku ₦27,400,000. Ẹ fi ₦240,000 pín in, ó jẹ́ 114. Ilé mítà onígun mẹ́rin 114 ni owó wọn lè kọ́ parí. Kò sí ọ̀rọ̀ yàrá níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Àwòrán tí ayàwòrán ilé ti gbé wá ńkọ́? Yàrá mẹ́rin, pálọ̀ méjì, mítà onígun mẹ́rin 168. Ẹ sọ 168 di ìlọ́po ₦240,000: ó lé ní mílíọ̀nù 40. Ó fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 13 ju owó tó wà fún ilé lọ.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn àgbà jà nìyí. Àwọn kan yóò ní ká bẹ̀rẹ̀ ná, Ọlọ́run yóò parí rẹ̀. Àwọn mìíràn gbọ́n ju ìyẹn lọ lójú ara wọn: wọn yóò pe bíríkìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn yóò ní kó "bá wọn wọ́gbọ́n dá sí i." Ọgbọ́n wo? Yóò dín sìmẹ́ńtì inú búlọ́ọ̀kù kù, yóò sì fi irin tó tẹ́ẹ́rẹ́ rọ́pò èyí tó nípọn. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Irin mìlímítà 12 àti irin mìlímítà 10 jọra lójú ẹni tó ń kọjá lọ. Ṣùgbọ́n agbára irin wà nínú ojú tí a bá gé e, ojú yẹn kì í sì í dín kù bí nọ́ńbà ṣe dín kù. Ìlọ́po 10 lọ́nà 10 jẹ́ 100, ti 12 lọ́nà 12 jẹ́ 144. Ẹni tó fi irin 10 síbi tí irin 12 yẹ kó wà ti jí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta irin òpó náà lọ. Búlọ́ọ̀kù tí kò jẹ sìmẹ́ńtì kánú, ẹ fi ìṣó ha á, yóò máa wó sílẹ̀ bí iyẹ̀pẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ́ ògiri, tí wọ́n sì kùn ún, ta ni yóò tún rí i? Ìdílé náà á wá máa sùn lábẹ́ ilé ńlá tí kò ní eegun tó, nítorí pé wọn kò fẹ́ pàdánù pálọ̀ kejì.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé, níbi tí ìrésà lásán ti lè ṣe iṣẹ́ náà. A ní láti mú 54 kúrò nínú 168. Kọ́ríídọ̀ inú àwòrán yẹn gùn ní mítà 11, ó fẹ̀ ní mítà 1.5, ó kó 16.5 lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń gbébẹ̀. Bí a bá to ilẹ̀kùn àwọn yàrá súnmọ́ ara wọn, kọ́ríídọ̀ mítà 5 tó fẹ̀ ní 1.2 ti tó, èyí jẹ́ 6. A ti rí 10.5. Pálọ̀ kejì, tó jẹ́ 4.2 lọ́nà 4.5, kó 18.9. Àlejò ọdún ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ dè, kó lọ. Fàráńdà iwájú tó ní òpó mẹ́rin jẹ́ 12, 4 ti tó láti dúró yẹra fún òjò, a rí 8. Ilé ìwẹ̀ mẹ́rin wà níbẹ̀, ọ̀kan fún yàrá kọ̀ọ̀kan, mítà 1.5 lọ́nà 2.4. Méjì ti tó fún ìdílé yìí, a rí 7.2. Ó wá ku díẹ̀. Yàrá méjì tí àwọn ọmọ ń sùn jẹ́ 4.2 lọ́nà 4.2, bí a bá sọ wọ́n di 3.6 lọ́nà 3.6, bẹ́ẹ̀dì, àga àti tábìlì ìkẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣì gba ibẹ̀ dáadáa, a sì rí 9.36. Ẹ rò gbogbo rẹ̀ pọ̀: 53.96. Yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà níbẹ̀! Ohun tó lọ ni ààyè tí a ń gbà kọjá àti ti àṣehàn.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má yára jó. Kì í ṣe gbogbo mítà ló ń jẹ iye kan náà. Kọ́ríídọ̀ àti pálọ̀ kò ju ilẹ̀, ògiri díẹ̀ àti òrùlé lọ. Ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ ni páìpù, táìlì àti ẹ̀rọ omi kóra jọ sí. Bí a bá gé ibi tí kò wọ́n kúrò, tí èyí tó wọ́n sì kù, iye owó mítà kọ̀ọ̀kan yóò gòkè díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi í sí ₦250,000: 114 wá di ₦28,500,000, ó fi ₦1,100,000 ju ohun tó wà nílẹ̀ lọ. Kí a má sáré lọ fọwọ́ kan owó ìpamọ́. Ẹ wo bí ilé náà ṣe rí lápapọ̀. Ilé mítà 10 lọ́nà 10 àti ilé mítà 20 lọ́nà 5, 100 ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ògiri ìta àkọ́kọ́ jẹ́ mítà 40, ti èkejì jẹ́ 50. Gbogbo ibi tí ògiri bá ti yọ síta tó tún wọlé ni a ti ń fi búlọ́ọ̀kù àti ìpìlẹ̀ kún un, òrùlé á sì tún ní kòtò tí omi yóò máa gbà wọlé lọ́jọ́ iwájú. Bí wọ́n bá mú ògiri náà tọ́, tí wọ́n sì fi òrùlé tó rọrùn bò ó, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti wá mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ yẹn.

Wọn yóò ní, "Ta ló mọ iye tí sìmẹ́ńtì máa jẹ́ lóṣù tó ń bọ̀? Kí la wá ń ṣírò fún?" Ìdí gan-an nìyẹn. Owó sìmẹ́ńtì lè yí padà, ṣùgbọ́n 114 kì í gbówó lórí. Bí iye mítà kan bá di ₦270,000 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ₦27,400,000 yóò kọ́ bíi 101, wọ́n sì lè tún ìrésà mú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti da ìpìlẹ̀ 168, ìrésà wo ló kù? Òótọ́ ni pé ìṣirò àkọ́kọ́ yìí lè fi ìdá kan nínú márùn-ún ṣìnà. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ fi ra ọjà. Títóbi ilé la fi ń mọ̀. Tí àwòrán bá ti dúró, ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò wá ka búlọ́ọ̀kù, irin àti páànù níkọ̀ọ̀kan.

Àwọn tó ní díẹ̀díẹ̀ làwọn yóò kọ́ tiwọn, mo gbà fún wọn, àmọ́ ẹni tó da ìpìlẹ̀ 168 lẹ́ẹ̀kan náà kò kọ́ díẹ̀díẹ̀. Yàrá méjì, pálọ̀, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ kan, kí wọ́n ní òrùlé tiwọn, kí a sì fi àyè ilẹ̀kùn sílẹ̀ lára ògiri fún ìyókù. Díẹ̀díẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa tó ń kọ́ wa ní yíya àwòrán ilé, a máa ń ya ilé lọ́dọọdún, ẹ sì ń fún wa ní máàkì fún ìlà tó tọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ní ká kọ iye mítà onígun mẹ́rin sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ká sì sọ iye tí yóò ná. Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ayàwòrán bá kọ́kọ́ wá bá yín, ẹ má wulẹ̀ sọ fún un pé yàrá mẹ́rin lẹ fẹ́. Ẹ fún un ní nọ́ńbà yín, kó kọ ọ́ sí òkè ìwé náà kó tó fa ìlà kankan.