Ẹ Fi Ìwọ̀n Lélẹ̀ Kí Ẹ Tó Mọ Orúkọ

Ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a fẹ́ gba akọ̀ròyìn kan. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a ṣe ojúsàájú, a ya àtẹ máàkì. Ohun mẹ́ta la fẹ́ wò, a sì pín 100 fún wọn bí wọ́n ṣe ṣe pàtàkì sí: ìdánwò ìkọ̀ròyìn gba 50, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gba 30, ìrírí gba 20. Olùwáṣẹ́ yóò gba máàkì láti 1 dé 5 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi ìwọ̀n rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀.

Èèyàn méjì ló kù nígbẹ̀yìn. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan gba 5 nínú ìdánwò, 3 nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, 2 nínú ìrírí. 5 lọ́nà 50 jẹ́ 250. Ẹ fi 90 àti 40 kún un, ó di 380. Ọkùnrin kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ gba 3, 4 àti 5, àpapọ̀ tirẹ̀ sì jẹ́ 370. Ọmọbìnrin náà ló borí.

Ìgbà náà ni ọ̀gá wa wúkọ́. Ó ní lójú tòun, a kò ka ìrírí sí tó. Ká mú 10 kúrò lára ìdánwò, ká fi kún ìrírí. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Ọmọbìnrin náà já wálẹ̀ sí 350, ọkùnrin náà gòkè dé 390. A kò fọwọ́ kan máàkì ẹnikẹ́ni.

N kò sọ pé 30 pọ̀ jù fún ìrírí. Bóyá ó tọ́ sí i. Ẹ̀ṣẹ̀ wa ni pé a ti mọ ẹni tí 10 yẹn yóò gbè kí a tó gbé e. Kí ìgbìmọ̀ tó ṣí ìwé kankan ló yẹ kí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwọ̀n, kí wọ́n sì kọ ohun tí máàkì kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí. Nínú ìdánwò, 5 lè jẹ́ ìròyìn tó ṣe é tẹ̀ jáde láìṣàtúnṣe. 3, èyí tí kókó rẹ̀ pé ṣùgbọ́n tí olóòtú gbọ́dọ̀ tún kọ. Láìsí èyí, 3 ẹnìkan ni 5 ẹlòmíràn. Kí kálukú sì kọ máàkì tirẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀gá tó lanu.

Síbẹ̀, ká má tan ara wa, 380 kò fi bẹ́ẹ̀ ju 370 lọ. Máàkì 1 péré nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò jẹ́ 30, ìyẹn sì ju àlàfo àárín wọn lọ. Ọ̀mì ni mo pè é. Ìdánwò kejì ló yẹ ká fún àwọn méjèèjì, kí ẹni tí kò mọ orúkọ wọn sì máàkì rẹ̀. Ìlànà ọ̀mì yìí náà, kí a ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú ni.

Èmi gan-an ni mo fọwọ́ sí lẹ́tà tí a fi dá ọmọbìnrin náà lóhùn. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé máàkì rẹ̀ kò tó.