Kọ́mà Kò Lè Ṣe Iṣẹ́ "Sì"

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti gboyè jáde, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ bá yín sọ nípa bí a ṣe ń kọ ìtàn ara wa sílẹ̀ ní Yorùbá. Gbólóhùn wa ti ń gùn jù. Kì í ṣe gígùn tó nídìí là ń sọ o. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ènìyàn to gbólóhùn mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè dá dúró, kó fi kọ́mà so wọ́n pọ̀, tàbí kó má tilẹ̀ fi nǹkan kan sáàárín wọn, kó wá fi ẹyọ àmì ìdánudúró kan ṣoṣo parí gbogbo rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni èrò pín sí láàárín wa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní Yorùbá kò ní irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, pé Gẹ̀ẹ́sì ló ni ín, pé bí a bá ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ká ṣe kọ ọ́. Àwọn kejì gbé òfin Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà, wọ́n sì ń gé gbólóhùn níbikíbi tí wọ́n bá ti rí ọ̀rọ̀-ìṣe kejì. Lójú tiwa, àwọn méjèèjì ló ṣì í. Àṣìṣe náà wà ní Yorùbá, àmọ́ gírámà Yorùbá ló yẹ ká fi wá a, òun náà ló sì yẹ ká fi tún un ṣe.

Ẹ wo ìpínrọ̀ yìí, tí a hun kó lè jọ èyí tí a máa ń kà nígbà tí ẹnì kan bá ń ròyìn bó ṣe padà sílé lẹ́yìn ìdánwò:

"Mo dé páàkì láago méje, mọ́tò kò tíì kún, mo ra bọ̀ọ̀lì jẹ, àwọn èrò ń pariwo, awakọ̀ kò dá wọn lóhùn, ó ń jẹ ẹ̀wà, mo pe màmá mi kò gbé e òjò bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ mo sáré wọ inú mọ́tò lọ jókòó."

Ohun àkọ́kọ́ ni ká fa ìlà sábẹ́ olùwà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe sábẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan kò tó fi mọ ibi tí gbólóhùn Yorùbá parí sí. "Mo ra bọ̀ọ̀lì jẹ" ní ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, rà àti jẹ, síbẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo ni. Ẹni kan náà ló rà tó sì jẹ, bọ̀ọ̀lì kan náà ló sì rà tó jẹ. Ní ìparí ìpínrọ̀ yẹn, sáré, wọ̀, lọ àti jókòó tò tẹ̀ léra, mẹ́rin gbáko, "mo" kan ló sì ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀-ìṣe àsínpọ̀ tí wọ́n ń kọ́ wa ní kíláàsì nìyẹn, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti kọ àpilẹ̀kọ lé lórí láti 1974. Ẹni tó bá fi àmì ìdánudúró gé e, tó kọ "Mo sáré. Mo wọ inú mọ́tò. Mo lọ. Mo jókòó," kò tún nǹkan kan ṣe. Ó kàn sọ ìrìn kan di mẹ́rin ni, tí òǹkàwé á fi máa rò pé ẹni yìí sáré tán, ó dúró, ó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú pé kí òun wọ mọ́tò.

Tí a bá wá ka àwọn olùwà, mẹ́sàn-án la ó rí: mo, mọ́tò, mo, àwọn èrò, awakọ̀, ó, mo, òjò, mo. Ṣùgbọ́n mẹ́wàá ni wọ́n. Ọ̀kan fara pa mọ́, òun gan-an ló sì ń da òǹkàwé láàmú jù.

Ẹ padà wo "mo pe màmá mi kò gbé e." Ta ni kò gbé e? Gbogbo wa la mọ̀ pé "ó" kì í jáde níwájú "kò." A kì í sọ pé "ó kò lọ," "kò lọ" la máa ń sọ. Nígbà tí a bá wá so gbólóhùn méjì pọ̀ láìfi nǹkan kan sáàárín, tí èkejì sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "kò," kò sí olùwà kankan tí ojú máa rí tí yóò fi mọ̀ pé gbólóhùn tuntun ti dé. "Màmá mi," tó jẹ́ àbọ̀ fún "pè," yóò wá dà bí olùwà fún "kò gbé e." Òǹkàwé á ka "màmá mi kò gbé e" pọ̀, á wá rí i pé "mo pe" ti ṣẹ́ kù lẹ́yìn láìní ẹni tí a pè, á sì ní láti padà sẹ́yìn. "Yóò" náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fa ìlà sábẹ́ àwọn olùwà tán, ẹ tún wá gbogbo "kò" àti "yóò" tí kò ní olùwà níwájú, kí ẹ sì bi ara yín pé ta ló ni ín. Tọ́rọ̀ yìí tilẹ̀ rọrùn, nítorí pé ìyá ni. Ọmọ Yorùbá kì í fi "ó" pe ìyá rẹ̀, "wọn" ló yẹ, "wọn" kì í sì í pòórá níwájú "kò." "Mo pe màmá mi, ṣùgbọ́n wọn kò gbé e." Ọ̀wọ̀ nìkan ti tún gírámà ṣe.

Ó ku bí a ṣe máa so àwọn yòókù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé kí wọ́n yọ kọ́mà kúrò kí wọ́n fi "àti" rọ́pò rẹ̀: "Mo dé páàkì àti mọ́tò kò tíì kún." Etí kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni "àti" ń so: èmi àti ìwọ, iṣu àti ẹ̀wà. Tó bá jẹ́ gbólóhùn sí gbólóhùn ni, "sì" ló ni iṣẹ́ náà. Kì í dúró sáàárín gbólóhùn méjèèjì bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, inú gbólóhùn kejì ló ń wọ̀, lẹ́yìn olùwà: "òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀." Tí "kò" bá wà níbẹ̀, ẹ̀yìn "kò" ló ń lọ: "mọ́tò kò sì tíì kún." Ẹni tó bá ń wá ibi tó máa ki "sì" bọ̀ níwájú olùwà kò ní rí ibẹ̀, bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń sá padà sídìí kọ́mà.

Kì í ṣe gbogbo kọ́mà ló yẹ ká lé lọ ṣá. "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè." Gbólóhùn méjì nìyẹn, kọ́mà lásán ló wà láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó máa fi "sì" sí i. Apá méjèèjì dọ́gba, ọ̀kan ń dá èkejì lóhùn. Ẹni tó bá kọ "mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó" láti fi hàn pé ara òun kò balẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ sí kọ́mà rẹ̀. Ìgbà tí ìtàn bá ń sún síwájú, tí olùwà ń yí padà, tí apá kan kò sì dá èkejì lóhùn, ni kọ́mà nìkan kò tó.

Báyìí la ṣe wá tún ìpínrọ̀ náà kọ:

"Nígbà tí mo dé páàkì láago méje, mọ́tò kò tíì kún, ni mo bá ra bọ̀ọ̀lì jẹ. Àwọn èrò ń pariwo, àmọ́ awakọ̀ kò dá wọn lóhùn, ó ń jẹ ẹ̀wà. Mo pe màmá mi, ṣùgbọ́n wọn kò gbé e. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀, mo sì sáré wọ inú mọ́tò lọ jókòó."

Ẹ ó rí i pé a fi kọ́mà kan sílẹ̀ níwájú "ó ń jẹ ẹ̀wà." A jà lórí rẹ̀. Àwọn kan nínú wa fẹ́ "nítorí pé ó ń jẹ ẹ̀wà," kí ìdí rẹ̀ lè hàn gbangba. Àwọn tó pọ̀ jù ní rárá, pé "nítorí pé" yóò sọ ọ́ di àlàyé tí wọ́n ń ṣe fún ọlọ́pàá, pé kọ́mà yẹn ló jẹ́ kí ẹ̀wà náà pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Àwọn tó pọ̀ jù ló borí, ṣùgbọ́n àwọn tó kù ṣì ní àwọn máa mú un wá sípàdé tó ń bọ̀.